Kí ló kan bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ ikú? Ìjíròrò lórí "kick the bucket"

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíláàsì SS2 ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn. Mo fún wọn ní àyọkà Òyìnbó kan nípa bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bàbá yìí "kicked the bucket" ní oṣù Kẹta, ni ṣọ́ọ̀bù bá di ti ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ kan tí kì í ṣe olódo rárá kọ ọ́ pé inú ló bí bàbá náà, ó fẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi dà sórí ọjà, ó sì gbé ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ náà pẹ̀lú ìbínú. Mo mọ̀ pé ikú ni gbólóhùn yẹn ń sọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni ọ̀nà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì gbà wọ ọ̀rọ̀ ikú, àti bí mo ṣe máa là á yé ọmọ yìí ìdí tí kíka ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ ẹyọ fi ṣì í lọ́nà. Ẹ bá mi dá sí i.

Àdìsá77

Ìyẹn ò le, tíṣà. Ẹni tó fẹ́ pokùnso ni. Á gun orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dojú dé, á so okùn mọ́ igi àjà, á wá fẹsẹ̀ ta bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lábẹ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ohun tí tíṣà tiwa náà kọ́ wa nìyẹn ní sẹ́kọ́ńdírì, kò sì sí ẹni tó jà á níyàn.

Bàbá Akọ̀wé

Àdìsá, ìtàn tí o sọ yìí wà nínú ìwé lóòótọ́. John Badcock ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro rẹ̀ ní ọdún 1823. Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bolsover ló ṣe bẹ́ẹ̀, ló bá kú. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wo ọdún. Francis Grose ti kó gbólóhùn yìí sínú ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro tirẹ̀ ní 1785, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí "kú", ó parí. Kò dárúkọ okùn, kò dárúkọ ẹnì kankan tó pa ara rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1775, ó ti jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí atukọ̀ kan ti pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, tó sì ń búra pé inú òun dùn pé kò tíì "kicked the bucket".

Fara balẹ̀ wo ti atukọ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì ti wà lójú òkun láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí ìjì, ìbọn àti àìsàn ti ń pa èèyàn. Ayọ̀ pé o ò bá wọn kú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pípa ara ẹni ni gbólóhùn náà ń sọ nígbà yẹn, ìkíni rẹ̀ á di ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìtàn Bolsover dé lẹ́yìn tí gbólóhùn náà ti ń rìn kiri fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Lójú tèmi, àwọn èèyàn ti rí bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ni wọ́n bá wá iṣẹ́ fún un.

Àdìsá77

Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n pé ìwé tó sọ ọ́ pẹ́ kó tó jáde ò sọ pé irọ́ ni. Ìtàn lè ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́ kí ẹnì kan tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa náà ní ìtàn tó ju ìwé lọ.

Bàbá Akọ̀wé

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì lè ti ilẹ̀kùn náà pa. Ohun tí mo ń wò ni pé kò sí ẹyọ ìlò kan ṣáájú 1823, nínú àwọn tí mo mọ̀, tó fi gbólóhùn náà mọ sọ́dọ̀ ẹni tó pa ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ti ara irú ikú kan pàtó jáde sábà máa ń gbé àmì ikú náà kiri fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó wá gbòòrò. Èyí ò gbé àmì kankan.

Ohun tó jẹ́ kí n fura jù ni pé "bucket" inú rẹ̀ lè má jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tá a fi ń pọn omi rárá. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ míì tí ìkọsílẹ̀ rẹ̀ bá èyí dọ́gba, àmọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: igi ìdábùú tí wọ́n ń gbé nǹkan kọ́. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wọlé. Shakespeare lò ó nínú eré apá kejì ti Ọba Henry Kẹrin, tí wọ́n tẹ̀ ní 1600. Falstaff ń yan ọmọ ogun, ó ń yin ọkùnrin jágbajàgba kan pé ó máa yára ju ẹni tó ń gbé nǹkan kọ́ sórí "bucket" àwọn apọntí lọ. Igi tí wọ́n fi ń gbé àgbá ọtí ni ibẹ̀ ń wí.

Igi yìí kan náà ni wọ́n ń so ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ sí ní Norfolk, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé e kọ́, orí á wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣàlàyé báyìí ní ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fi ipá gbá igi náà nígbà tí ẹ̀mí bá ń bọ́ lára rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Ọ́sífọ́ọ̀dù ń fojú tó dára wò ó, àmọ́ kò fọwọ́ ẹ̀rí sí i.

Ọlọ́sìn Òkè-Àró

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn, mo sì ń pa á fún àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ yẹn rí bákan létí mi. Tá a bá dú ẹlẹ́dẹ̀ tán, ilẹ̀ ló máa ń wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta gan-an, ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti di tútù pàápàá. Ọmọṣẹ́ tó bá jókòó sí ibi tí kò yẹ, ó lè gbá a ní ojúgun. Lẹ́yìn ìyẹn la ó da omi gbígbóná lé e, a ó há irun rẹ̀, kí á tó gbé e kọ́ láti la inú rẹ̀. Ní àsìkò tó fi dé orí igi, kì í ta mọ́, kì í mira. Ẹni tó bá ń sọ pé orí igi ló ti ń gbá igi, ibo ló ti rí i?

Bàbá Akọ̀wé

Ọlọ́sìn, ìbéèrè tó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé ti bi ara wọn láti ìgbà pípẹ́ lo bi yìí. Ohun tí ẹnì kan láti Norfolk kọ ni pé igi tí wọ́n ń so ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ *lẹ́yìn* tí wọ́n bá ti pa á ni "bucket". Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń ṣe é ní Òkè-Àró ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, kò sí gbígbá kankan mọ́ lórí igi. Kí àlàyé náà tó lè dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ kí wọ́n tó dú u, tàbí ní kété tí wọ́n dú u, kí ẹ̀jẹ̀ lè ro dáadáa. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ láwọn ibì kan. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ló gbé gbogbo ẹjọ́ náà dání.

Ìṣòro kejì ni ibi tí gbólóhùn náà ti kọ́kọ́ yọ sí wa. Ẹnu atukọ̀ àti ìwé ọ̀rọ̀ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ni, kì í ṣe ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ní Norfolk. Ọ̀rọ̀ máa ń rìn lóòótọ́, ọmọ oko sì ń lọ ṣe atukọ̀. Àmọ́ kò sí ìwé kan tó so ẹlẹ́dẹ̀ àti gbólóhùn yìí pọ̀ ní ìgbà tí gbólóhùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti so ó pọ̀.

Katikíìsì

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìjọ wa wá. Àlùfáà kan tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé sọ fún wa pé nígbà àtijọ́, tí wọ́n bá tẹ́ òkú sílẹ̀, wọ́n máa ń gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sórí, wọ́n á sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá wá kí i lè wọ́n omi sí i lára. Òkú na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí mọ́gbọ́n dání sí mi ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Àwa náà ṣì ń wọ́n omi mímọ́ sí òkú lára títí di òní.

Bàbá Akọ̀wé

Katikíìsì, àṣà wíwọ́n omi yẹn kì í ṣe àròsọ. Mọ́ńkì Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ethelbert Horne, ló gbé àlàyé yìí jáde ní ọ̀rúndún ogún. Ìdí tí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lábẹ́ Póòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, gbólóhùn náà sì yọ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Níbo ló wà fún igba ọdún? Òkú kì í sì í gbá nǹkan. Èèyàn mélòó ló máa wo òkú tó nà gbọọrọ, tó sì máa pe ìyẹn ní gbígbá?

Katikíìsì

Bàbá, Kátólíìkì kò tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pọ̀ ní ìhà àríwá, ní Lancashire, wọ́n ń ṣe ìsìn wọn ní kọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀ kò ní wọ ìwé Lọ́ńdọ̀nù kíákíá. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bàbá Akọ̀wé

Mo fi í sílẹ̀. Lancashire yẹn, o mú un dáadáa.

Màmá Ìbejì

Ẹ má bínú o. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èèwọ̀ ni kéèyàn fẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì? Nítorí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dànù nínú òkùnkùn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àyà mi sì ti ń já láti ìgbà tí mo ti rí àkọlé yìí.

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe ikú la ń wá ìdí rẹ̀. Ọmọ yín gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ló dànù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Màmá Ìbejì

A dúpẹ́ o. Ọlọ́run á tọ́jú tiyín náà.

Wẹ́ndé ní Leeds

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ gbólóhùn yìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí tíṣà fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ọmọ má baà mọ ìtumọ̀ tán kó wá lò ó níbi tí kò yẹ. Àwọn arúgbó fúnra wọn ló máa ń lò ó, wọ́n á fi máa ṣe yẹ̀yẹ́ ikú ara wọn. Màmá kan máa ń sọ fún mi láràárọ̀ pé òun ò tíì "kick the bucket", kí n gbé tíì òun wá. Ẹ̀rín la jọ máa ń rín. Àmọ́ nígbà tí arákùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó kọ gbólóhùn yìí sínú káàdì ìbánikẹ́dùn tí gbogbo wa fọwọ́ sí fún ọmọ olóògbé kan. Ó rò pé èdè tó jinlẹ̀ ni òun fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin náà ka káàdì dé ibẹ̀, ó pa á dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kó ẹrù ìyá rẹ̀ tán. Arákùnrin yẹn mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò mọ̀.

Bàbá Akọ̀wé

Wẹ́ndé, o káre láé. Fún ọmọ tíṣà, ẹ fi ti ilé ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọba bá kú, a ní ọba wàjà. Bí àgbà bá kú, a ní bàbá papòdà, tàbí wọ́n ṣípò padà. Ta ló máa dúró níwájú àwọn ọmọ olóògbé kó sọ pé bàbá wọn ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra? Ọ̀rọ̀ ikú kan náà ni gbogbo wọn. Àyè "kick the bucket" sún mọ́ ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra ju ti papòdà lọ.

Ọmọ Kútọnu

Ẹ n lẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa ní Benin, Faransé la fi kàwé. Àwọn Faransé náà ní irú rẹ̀: tí wọ́n bá ní ẹnì kan fọ́ ìkòkò tábà rẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Àwọn Jámánì ní ó dá ṣíbí rẹ̀ padà. Ṣé kì í ṣe pé ìdí kan náà ni gbogbo wọn ní, pé ohun tí olóògbé ń lò ni kò lò mọ́? Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, pé kò ní pọnmi mọ́.

Bàbá Akọ̀wé

Ṣíbí àti ìkòkò tábà jẹ́ ohun ìní olóògbé, ó rọrùn láti rí ọ̀nà wọn sínú ọ̀rọ̀ ikú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kì í sọ pé ó gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì *rẹ̀*, bọ́kẹ́ẹ̀tì *náà* ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni pé gbogbo ayé ti mọ èyí tí wọ́n ń wí. Èyí ló jẹ́ kí n máa rò pé nǹkan pàtó kan wà níbẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ omi mímọ́. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà ju ìyẹn lọ.

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ó ti yé mi pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ibi tó ti wá. Apá kejì ló kù. Ọmọ yìí ò ṣìnà nítorí pé kò gbọ́ Òyìnbó. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbá, ó mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọgbọ́n so ó mọ́ ìyókù ìtàn. Kí ni mo máa sọ pé ó yẹ kó ti rí?

Bàbá Akọ̀wé

Ẹ mú àyọkà náà, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Àkọ́kọ́, ẹ bi í pé bọ́kẹ́ẹ̀tì wo? Nínú àyọkà yẹn, ẹnì kankan ò tíì dárúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì gidi wọnú ìtàn á kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, á sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí kàn bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé kí ló tẹ̀ lé gbígbá náà. Kò sí omi, kò sí ariwo, kò sí ọjà tó bàjẹ́. Ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sínú ìtàn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ogún: ṣọ́ọ̀bù bọ́ sọ́wọ́ ẹbí, wọ́n ò sì dárúkọ bàbá náà mọ́ títí àyọkà fi parí. Òǹkàwé tó bá rí i pé òun gbọ́dọ̀ wá ìbínú àti omi láti ibòmíràn kí ìtàn tó lè tò, ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti ilé dán an wò. Ẹ kọ "ó ta téru nípàá" sójú pátákó. Gbogbo wọn á sọ pé ó kú ni. Ẹ wá yí i padà: "téru ni ó ta nípàá". Ẹ tún kọ ọ́: "ó ta téru méjì nípàá". Ẹ máa gbọ́ ẹ̀rín. Ikú ti sá kúrò nínú rẹ̀, téru nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Òyìnbó rí. Bí wọ́n bá ní bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, tàbí tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà tó fi jẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú, bọ́kẹ́ẹ̀tì tá a fi ń pọnmi ló padà dé. Ìtumọ̀ ikú kò jókòó sórí "gbá", kò sì jókòó sórí "bọ́kẹ́ẹ̀tì". Àpapọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an, ló gbé e. Ọmọ tó bá pín in sí wẹ́wẹ́ ti pàdánù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Àdìsá77

Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "gbá" ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tí mi ò tíì gbọ́ kí Òyìnbó sọ pé ẹnì kan ń "kick the bucket" láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ ti pẹ́. Wọ́n á ní ó ń kú lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kì í ní ó ń gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá Akọ̀wé

Àdìsá, o mú ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì gba ohun tí o sọ. Onímọ̀ méjì, Hamblin àti Gibbs, kọ̀wé lórí ohun yìí gan-an ní 1999. Gbígbá jẹ́ ohun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ dé, ó tán. Ikú tí gbólóhùn náà ń sọ gba ìrísí yẹn: ikú tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn fún oṣù mẹ́ta ń kú lọ, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè sọ pé ó "kicked the bucket". Nítorí náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kú tán. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ò tọ́ka sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbígbá ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kéèyàn kàn há a sórí bí orúkọ òpópónà, kò rí ìyẹn.

Ọlọ́sìn Òkè-Àró

Ọ̀rọ̀ "téru" tí Bàbá kọ yẹn, kí ni téru? Bàbá mi máa ń sọ ọ́, mi ò bi í léèrè rí.

Àdìsá77

Eérú ni, mo rò. Ó ta eérú nípàá, bí ẹni tó ṣubú sínú ààrò.

Katikíìsì

Mi ò gbà. Tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Ta ló ń pe eérú báyẹn? Ní ilé wa, kò sí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n kàn ń lò ó.

Ọmọ Kútọnu

Nínú Yorùbá tiwa níbí, n kò tíì gbọ́ "ta téru nípàá" rí. "Ó ti re" la máa ń sọ. Ṣé àwọn ará Ọ̀yọ́ nìkan ló ní i ni?

Bàbá Akọ̀wé

Olúkúlùkù àgbà tí mo bi ní èsì tirẹ̀, èsì kan kò sì bá èkejì dọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí Ọlọ́sìn béèrè ni Àdìsá ti bá a wá ààrò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó náà ṣe rí okùn Bolsover. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní àgbà nílé ní Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí pẹ̀lú orúkọ ìlú.

Tíṣà Òkè-Àdó

Màá bi ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ti ọmọ mi, mo ti pinnu: ìdáhùn náà kò gba máàkì, àmọ́ mi ò ní fi X sí i kí n sì kọjá. Màá kọ "Bọ́kẹ́ẹ̀tì wo?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tún àyọkà náà kà, kó wá sọ ibi tó ti rí omi fún mi. Wẹ́ndé, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ káàdì yẹn fún gbogbo kíláàsì, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé o fọwọ́ sí i?

Wẹ́ndé ní Leeds

Mo fọwọ́ sí i, Mà. Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn pé ohun tó kọ sínú káàdì kejì tó fi tọrọ àforíjì ni "passed away". Ọmọbìnrin náà dáhùn ìyẹn.